Owó orí, aṣọ ẹbí àti tábìlì 30

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìdána wa síta lẹ ti ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é tí ẹbí méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí, ó gùn díẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ owó orí àti iye àlejò fẹ́ fi tú wa ká.

Orí lísìtì ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn ẹbí mi kọ lísìtì ẹrù ìdána ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ọkọ mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní owó orí mi ti pọ̀ jù. ₦1,340,000 ni wọ́n ṣírò. Èmi náà mú bírò, mo pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó orí gan-an ò ju ₦100,000 lọ. Owó ìkànlẹ̀kùn, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, gbogbo owó kéékèèké wọ̀nyẹn jẹ́ ₦60,000 lápapọ̀. Ẹrù ló kó ₦1,180,000 tó kù.

Ẹrù náà kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ń wúre: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn. Ìyẹn ò ṣeé yọ, òun ló sì kéré jù nínú ìnáwó. Àwọn kan wà tí ẹbí máa pín: iṣu 42, àpò ìrẹsì 2, kẹ́ẹ̀gì epo, agbọ̀n èso. Àwọn àgbà ló ni ìyẹn, ẹnu ọmọge ò tó o. Èyí tó kù ni àpótí: aṣọ, gèlè, bàtà, góòlù. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ni àpótí.

Nínú lísìtì wa, àpótí nìkan fẹ́ gbé ₦620,000. Mo bá màmá mi jókòó ní kíṣìnì, mo ní Mọ́mì, aṣọ òkè kan, léèsì kan àti bàtà kan tó mi, ẹ jẹ́ kí góòlù dúró ná. Wọ́n kọ́kọ́ yọjú sí mi, wọ́n ní ṣé wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Àpótí wálẹ̀ sí ₦250,000, gbogbo lísìtì sì di ₦970,000. Kò sí àgbà kankan tó bínú, torí kò sẹ́ni tí ìpín tirẹ̀ dín kù.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ ni bàbá mi sọ pé, ní tòun o, òun máa dá owó orí padà lójú agbo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ṣàdúrà sí i, wọ́n á ní “A kì í ta ọmọ, ẹ fi tọ́jú rẹ̀ fún wa,” wọ́n á sì fi lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Mo rò pé inú wọn á dùn. Ta ló ń kọ owó?

Àbúrò bàbá ọkọ mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìtàn yín, ẹ máa rántí pé bàbá ọkọ mi ti di olóògbé látìgbà tó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ nìkan ló fi òwò aṣọ tọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá yìí ní, “Ẹ ò ní dá a padà fún wa. Wọn ò ní sọ lẹ́yìn ọ̀la pé nítorí ọmọ aláìníbaba ni, wọ́n kàn fi ìyàwó ta á lọ́rẹ.” Bàbá mi gbọ́, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kí òun jẹ owó ọmọ òun ni. Fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò pe ara wọn.

Ẹ ẹ̀ rí i? Iyì ni àwọn méjèèjì ń wá, owó kan náà ló gbé e dání. Bọ̀ọ̀dá náà sì ní ẹjọ́ tó dáa. Tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bá dé kóòtù, ara ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá wọ́n san owó orí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ló tú u. Wọ́n ní kí bàbá mi mú ₦1,000 nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù ta ọkọ àti ìyàwó lọ́rẹ. Wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbà tí a máa kà lójú gbogbo ayé pé owó orí pé, a ti gbà á. Báyìí, ẹbí ọkọ ti san, ẹbí ìyàwó ò sì ta ọmọ.

Ọ̀rọ̀ àlejò ló wá le jù, torí nílé tiwa, ẹbí ìyàwó ló ń gbé oúnjẹ ọjọ́ ìdána. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Owó tí wọ́n yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Gbọ̀ngàn tí a gbà ń gba ènìyàn 300, ìyẹn tábìlì 30, ènìyàn 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A pín in: ẹbí mi 14, ẹbí ọkọ 10, àwa ọ̀rẹ́ 4, a sì fi 2 sílẹ̀ fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Gbogbo wọn ní ó dáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ mi rí ìwé tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ orúkọ àwọn tó sanwó aṣọ ẹbí. Ènìyàn 140. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ra aṣọ ẹbí ti gba ìwé ìpè nìyẹn. Ẹ lè kọ lísìtì àlejò tó wù yín, ọjọ́ tí aṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà ni lísìtì ti di tàwọn aláṣọ.

Ìyá ọkọ mi ò ṣe é láti fi ni wá lára. Wọ́n ní àwọn tó ń wò wọ́n tàánútàánú nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn fẹ́ kí gbogbo wọn wá rí ọmọ àwọn lọ́jọ́ yẹn. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

A ò ní kí wọ́n dá owó aṣọ ẹnikẹ́ni padà. Alásè wa ń gba ₦6,500 lórí ènìyàn kan, ìyẹn ₦65,000 fún tábìlì kan. Ènìyàn 40 tó lé jẹ́ tábìlì 4, ₦260,000. Ọkọ mi lọ bá ìyá rẹ̀ pé ẹni tó bá pe àlejò kọjá ìpín rẹ̀ ló máa bọ́ wọn. Wọ́n gbà, èrè aṣọ náà ni wọ́n sì fi san púpọ̀ nínú rẹ̀. A na ìbòòji kan síwájú gbọ̀ngàn fún tábìlì mẹ́rin náà, wọ́n sì dáwọ́ aṣọ títà dúró lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí kan ṣì ń bínú pé ìta ni wọ́n fi òun sí. A ó máa bẹ̀ wọ́n.

Tí tìrẹ bá ń bọ̀, bi ẹbí méjèèjì léèrè kí aṣọ tó jáde: tábìlì mélòó ló kan yín, ta ló sì máa sanwó èyí tó bá lé? Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Béèrè pé owó orí dídá padà, ṣé iyì ni lójú wọn àbí ìwọ̀sí. Má kàn rò ó fún wọn.