Iye Tó Lè Jáde

Ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni, ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rákòrò. Ta ni ìyàwó wá jẹ́ láti sọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí ti ń tọrọ jù? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹnu kan ẹbí nígbà tí mo fẹ́ bá ọkọ mi sọ ọ́. Owó ilé ni mo mú sọ.

Dáódù ni ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ń gba ₦30,000 lóṣooṣù, ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Àwọn yòókù ló ń dá mi lágara: aṣọ ẹbí òkú tí a ò mọ̀ rí, jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́, owó tí ẹnì kan fẹ́ fi tún ọjà kó. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré mà ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àmọ́ ó lọ yáwó ní alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn, ó ní ilé ló fẹ́ fi tún ṣe, páànù tó ń jò ṣì ń jò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé sùúrù ò lè tún un ṣe mọ́.

Mo dúró di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tó ti jẹun tán, táwọn ọmọ ti jáde. Mo gbé ìwé kékeré kan kalẹ̀. "Bàbá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àláàtì oṣù tó kọjá, kí n máa kọ ọ́." Ó ń kà, mo ń kọ. Mi ò kọ orúkọ ẹnì kankan, ohun tí wọ́n fowó ṣe nìkan ni mo kọ. Nínú ₦210,000 tó ń gbà, ₦95,000 lọ fún ẹbí, alájẹṣẹ́kù sì yọ ₦35,000. ₦80,000 ló kù fún oúnjẹ, ilé àti iléèwé ọmọ méjì.

"Ṣé o fẹ́ kí n máa wo wọ́n níran ni?"

"Rárá o. Ẹ jẹ́ ká kàn mọ iye tó lè jáde kó tó jáde."

A ò fọwọ́ kan ti Màmá. A ya ₦25,000 sọ́tọ̀ fún gbogbo àwọn yòókù. Bó bá tán, ó di oṣù tó ń bọ̀, àfi ti àìsàn. Kò ní ṣèlérí lórí fóònù mọ́, "Màá pè yín padà" ni yóò máa sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá wọn sọ ọ́, torí bí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi níbẹ̀, wọ́n á ní ìyàwó ti gba ọmọ àwọn.

Ó wá wò mí. "Ti àbúrò tìẹ ńkọ́?" Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ òtítọ́ ni. Inú ₦25,000 kan náà ni tàbúrò mi náà bọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n kan ò kí mi dáadáa mọ́ lóde àríyá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé láti ìgbà tí a ti yọ àìsàn sílẹ̀, àìsàn ti pọ̀ lẹ́bí wa. A wá fi kún un pé ọwọ́ ilé ìwòsàn tàbí ẹni tó ń ta oògùn ni owó náà yóò máa lọ tààrà. Àwọn kan sì gbádùn kí ilẹ̀ tó ṣú.