Agbádá Funfun Kò Dẹ́rù Bà Mí Mọ́

Mo fẹ́ jẹ́rìí. Fótò yíyà ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, bí mo bá ti rí bàbá aláwọ̀ dúdú tó wọ agbádá funfun báláú lóde, àyà mi á já. Bí ojú bá hàn, aṣọ á kàn funfun gbòò, kò ní ní iṣẹ́ kankan lára. Bí mo bá sì dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo fótò kù, ojú bàbá á ṣókùnkùn.

Kámẹ́rà mi kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Bí ojú dúdú bá wà níbi tó ti ń wọ̀n ọ́n, á gbà pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á sì gba ìmọ́lẹ̀ sí i. Aṣọ ló máa ń jìyà rẹ̀.

Agbádá léèsì bàbá ìyàwó kan ló yí mi lọ́kàn padà. Inú oòrùn ọ̀sán ni mo ti yà á, RAW ni mo sì fi yà á. Nígbà tí mo ṣí i nínú Lightroom tí mo tẹ J, gbogbo àyà agbádá pọ́n, àmì pé ìmọ́lẹ̀ ti kún ibẹ̀ jù. Mo fa Highlights sí -80. Pupa náà ń sá, iṣẹ́ ọrùn agbádá sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn! RAW máa ń tọ́jú àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; bí ọ̀kan bá kún tí òmíràn kò tíì kún, kọ̀ǹpútà ṣì lè rí nǹkan mú. Ṣùgbọ́n ní èjìká tí oòrùn ń pa tààrà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún. Bí mo ti ń fà á wálẹ̀, ńṣe ló ń di eérú lásán, láìsí òwú kankan. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Masking, mo fi Luminance Range mú aṣọ, mo sì yọ tapólì funfun tó wà lẹ́yìn kúrò. Exposure -0.60, Texture +20: ihò léèsì hàn. Mo ń wo iye tó wà lábẹ́ Histogram. Mo fi aṣọ sí nǹkan bí 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 80 lọ, á dà bí aṣọ tí wọn kò fọ̀. Ojú bàbá ní tirẹ̀, mo kàn fi +0.30 kún un. N kò bó o. Àwọ̀ rẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí màmá ìyàwó rí i, wọ́n ní, “Ẹ wo iṣẹ́ ọrùn agbádá wọn!”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, RAW ni kí ẹ máa fi ya aṣọ funfun. Bí aṣọ bá ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé gbé sókè. Iṣẹ́ aṣọ tí kámẹ́rà kò gbà sílẹ̀ kò ṣeé wá padà.