Ìwé Tí A Jọ Ń Kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, bóyá àbúrò kan wà ní ilé yín tí ó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá àti ìyá yín sì ṣì ń kọ́ èdè náà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi kan fún yín.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, káfíńtà kan wá bá mi. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní alẹ́, wọ́n sì ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà. Nígbà tí mo gbọ́ bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ fún olùkọ́, kí ó má baà ba ahọ́n ọmọ jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Kò pé oṣù méjì, ọmọ náà kò mú ìwé lọ sí ilé mọ́. Ojú tì mí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, a sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìwé alàwòrán tí gbólóhùn kan ṣoṣo wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni a yàn. Kí wọ́n tó kà á, ìyá a bi ọmọ ní Yorùbá pé, "Kí ni ajá yìí ń ṣe? Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?" Báyìí ni ìtumọ̀ yóò ti wà ní ọkàn ọmọ kí ọ̀rọ̀ àjèjì tó dé. Lẹ́yìn náà, bàbá a máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì jọ kà á. Ìwé kan náà ni wọ́n ń kà fún ọ̀sẹ̀ kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti pípè, èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn láìsí fáwẹ́lì láàárín. Nítorí náà ni a fi ń wí pé búrẹ́dì. Òyìnbó kì í fi fáwẹ́lì sí àárín b àti r, kì í sì í fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá dà wọ́n láàmú, bàbá a fi àmì sí i, ọmọ a bi olùkọ́ ní òwúrọ̀, a sì mú èsì wá sí ilé. Ní ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu bàbá rẹ̀, ojú bàbá fà ro. Ìyá ni ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Bàbá wa, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀."

Ohun kan tàn wá jẹ. Ọmọ náà ń ka gbogbo ìwé geere, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bo àwòrán tí mo sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn, ó dákẹ́. Ó ti há a sórí ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi í ní ọ̀rọ̀ láìtẹ̀lé ètò ìwé, títí ó fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú.

Bí ọdún ti parí, pípè wọn kò tíì pé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń fúnra rẹ̀ yan ìwé lọ sí ilé, bàbá rẹ̀ sì ń ka ìwé tí oníṣòwò pákó fi ránṣẹ́ sí i láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá mú ìwé tọ òbí yín lọ, ẹ má ṣe já a gbà nítorí pé ẹ mọ ìwé jù wọ́n lọ, bí èmi ti ṣe. Ẹ jókòó tì wọ́n.