Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ẹni Tí A Kò Gbà Síṣẹ́

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé mi níwájú àwọn tí ń ta gàrí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bèèrè àlàáfíà ilé, ó bèèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, “Bàbá, ọmọ mi ṣì ń retí yín o. Ó ní ẹ ní kí òun máa dúró.”

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. N kò sọ fún ọmọ náà pé kí ó dúró. Ohun tí mo rò pé mo kọ ránṣẹ́ sí i ni pé a kò gbà á sí iṣẹ́ tí ó wá bá wa sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bójú tó. Nígbà tí mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá ímeèlì náà jáde, mo sì kà á bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ewé kan. Mo yìn ín fún ìwà rẹ̀, mo yìn ín fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀, mo ní irú rẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ wa nílò. Mo ní ètò wa kò tíì gbà wá láyè, mo sì parí rẹ̀ pé a ó máa gbọ́ ohùn ara wa. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí mo ti kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ni a yàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ náà fi dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàkẹ́tẹ́ pè é, ó sì kọ̀ fún wọn, nítorí ó gbà pé tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Orí òwe yìí ni mo dúró lé nígbà tí mo kọ lẹ́tà náà, n kò sì rò pé òwe náà ló jẹ̀bi. Nígbà tí bàbá kan bá fẹ́ sọ fún ẹbí àfẹ́sọ́nà pé ọmọ òun kò ní fẹ́ ọmọ wọn, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, bí ó ṣe pẹ́ kí ó tó bu omi mu wà níbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ àbọ̀ yòókù. Ímeèlì kò ní ojú, kò sì ní ohùn. Ẹni tí ń wáṣẹ́ a sì máa fi ìrètí kà á. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́rin àti gbólóhùn kan tí kò ṣe kedere, àwọn ìyìn náà ni yóò dì mú.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibi náà: “kò tíì.” Ẹni tí ó bá ní òun kò jẹun, kò jẹun ni. Ẹni tí ó bá ní òun kò tíì jẹun, ẹ lọ gbé abọ́ wá. Nínú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, “a kò tíì lè gbà yín” ìlérí ni, bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀.

Èdè Faransé tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilẹ̀ wa ní ọgbọ́n mìíràn fún ọ̀ràn yìí. Nínú rẹ̀, ènìyàn lè kọ ọ́ pé ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ kan ni kò jẹ́ yíyàn, kí ó má sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbólóhùn náà tí ó kọ̀ ọ́. Ìwé ni a kọ̀, a kò kọ ènìyàn, a kò sì mọ ẹni tí ó kọ̀ ọ́. Yorùbá kò gba irú ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń bèèrè olùṣe: a kò yàn yín, tàbí wọn kò yàn yín. Bí mo bá kọ “wọn,” mo ti fi ẹ̀bi náà lé ẹni tí kò sí nínú yàrá lọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo jókòó níwájú olùwáṣẹ́ náà tí mo ń bi í ní ìbéèrè. “A” ni ó tọ́. Ó le díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á mọ ẹni tí òun lè bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a wá oníṣirò owó. A pe mẹ́ta nínú àwọn tí ó kọ̀wé wá, a sì bá méjì pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó gun alùpùpù wá láti Pọ́bẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ní ọjọ́ kejì, a gbé ìwé owó oṣù kan tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì rí àwọn àṣìṣe náà kí a tó mu tíì wa tán. Ẹnì kejì ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn. Òun ni a yàn.

N kò fi èsì ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní ọjọ́ tí a ṣe ìpinnu. Ẹni tí a yàn lè yí ọkàn padà lórí owó oṣù, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kejì ni a ó sáré tọ̀ lọ. Kì í sì í dùn láti lọ bẹ ẹni tí a ti kọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a ti ṣèlérí èsì fún un kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí náà mo kọ ìlà méjì sí i pé ìpinnu kò tíì parí, pé yóò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. (Níbẹ̀ ni “kò tíì” wúlò, nítorí òótọ́ ni.) Ní ọjọ́ Túsìdeè, ẹni tí a yàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ èyí:

“Arábìnrin wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ wá sí Kétu lẹ́ẹ̀mejì nítorí iṣẹ́ oníṣirò owó. Ẹlòmíràn ni a yàn. A kò gbà yín sí iṣẹ́ yìí. Ẹni náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún mẹ́fà, ohun tí a sì nílò jù nìyẹn. Bí ẹ ṣe rí àwọn àṣìṣe inú ìwé owó náà wú wa lórí. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ó ṣeé ṣe kí a wá ẹni tí yóò máa kọ ìwé ilé ìkẹ́rùsí. A kò lè ṣèlérí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí a sọ fún yín nígbà náà, ẹ dá wa lóhùn, a ó sì tọ́jú ìwé yín títí di òpin oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ pè mí. Ẹ kú iṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí ó dun ènìyàn wà ní gbólóhùn kejì, kí ó má baà fi ojú wá a kiri. Lórí àkọlé ímeèlì náà, “Èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín” nìkan ni mo kọ, nítorí àkọlé a máa yọ sórí fóònù níwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó ti ènìyàn. Ìdí kan ṣoṣo ni mo sọ, ó sì jẹ́ nípa iṣẹ́ náà, kì í ṣe nípa rẹ̀. Ìyìn kan ṣoṣo ni mo fi sí i, ohun tí mo sì fi ojú mi rí ni. Ìyìn tí a lè kọ sí ẹnikẹ́ni kì í ṣe ìyìn.

Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n “ẹ” ni mo lò. Bí mo bá lo “o,” mo ti di bàbá rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ a sì máa dún bí ìbáwí láti ẹnu bàbá. Òun nìkan ni mo sì fi í ránṣẹ́ sí. Mo mọ ẹnìkan tí ó kọ èsì kan ṣoṣo sí gbogbo àwọn tí a kò gbà, tí ó sì to àdírẹ́sì wọn sí Cc dípò Cci. Kí oòrùn tó wọ̀, olúkúlùkù ti mọ ẹni tí wọ́n jọ kọ̀.

Ilẹ̀kùn tí mo fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ni ó gbà mí ní àkókò jù. Ní Kétu, a mọ ohun tí a ń pè ní dídúró de ìyípo. Ilé ọba márùn-ún ni wọ́n ń jẹ Alákétu ní ìyípo: Aláàpínní, Mágbò, Àró, Mẹ̀sà àti Mẹ̀fù. Ilé tí kò kàn lónìí mọ̀ pé yóò kan òun. Ẹni tí ó dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ fún un pé “ó dìgbà mìíràn,” ó lè gbọ́ pé òun ni ó kù. Iṣẹ́ oṣù kò ní ìyípo. Ìdí nìyí tí mo fi dárúkọ iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn, tí mo sọ ìgbà tí ó lè yọjú, tí mo sì kọ ọ́ ní kedere pé kì í ṣe ìlérí. Bí kò bá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi, ǹ bá ti dákẹ́ lórí ọjọ́ iwájú, kí n sì dúpẹ́.

Pé kí ó dá wa lóhùn kí a tó tọ́jú ìwé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀yàyà lásán. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, apá kan rẹ̀ sì wà fún ààbò ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ìwé olùwáṣẹ́ ní orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù nínú. Ohun tí ó fi í fún wa láti lò kò kọjá iṣẹ́ tí ó wá.

Ó dá mi lóhùn ní ọjọ́ kejì, ìlà mẹ́ta péré. Ó dúpẹ́, ó ní kí a tọ́jú ìwé òun, ó sì ní òun ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta kan ní Àjàṣẹ́ tí òun ti ń fà sẹ́yìn nítorí tiwa.

Ní oṣù Kẹsàn-án, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí náà yọjú lóòótọ́. Mo pè é. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ Àjàṣẹ́ di iṣẹ́ gidi fún un, kò sì ní padà wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ rántí. Mo ní àbúrò kan tí a jọ kàwé, Ìmẹ̀kọ ni ó wà. Ṣé kí n fún un ní nọ́ńbà yín?” Mo ní kí ó fún un.