Iná Kékeré Tó Ń Jóni Ju Ńlá Lọ

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ iná ní Ìkẹjà, ohun kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀gá wa ń kìlọ̀ fún wa: kí iná má gbé wa. Wọ bàtà onírọ́bà, má fara kan irin. Lójú wọn, ẹni tó bá ti ṣe èyí lè ṣí páńẹ́lì ńlá ilé-iṣẹ́ nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀, kó sì máa de bóòtù. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé iná lè jó èèyàn láìfọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, bí ṣípánà bá já bọ́ sáàárín bọ́sìbáà méjì, iná á fò gba inú afẹ́fẹ́, bàbà á yọ́, á di èéfín, ooru rẹ̀ á sì tú jáde sójú ẹni tó dúró níwájú. Ṣẹ́ẹ̀tì onínáílọ́nù á yọ́ mọ́ awọ. Ààkì là ń pè é.

Ní Amẹ́ríkà ni Ralph Lee ti tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1982, tó ṣe ìṣirò ibi tí ooru ààkì lè jóni dé. Ìlànà IEEE 1584 tẹ̀ lé e ní 2002, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018 láti ka bí bọ́sìbáà ṣe kọjú síni mọ́ ọn. Kálórì tó bà lé awọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ti tó 1.2, awọ lè lé roro.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà lókè òkun ló kọ́kọ́ ń bèèrè ìṣirò yìí lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn, lápá Agbára, ló kọ́ mi ní ohun tí ìwé kò tẹnu mọ́. Tiransifọ́mà 1,000 kVA àti jẹnẹrétọ̀ ló ń bọ́ páńẹ́lì wọn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ fún mi pé, “Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká ṣí i nígbà tó bá wà lórí jẹ́ẹ̀nì. Jẹ́ẹ̀nì ò lágbára tó Nẹ́pà.”

Òótọ́ ni pé kò lágbára tó o. Bí bọ́sìbáà bá so pọ̀ gírígírí, tiransifọ́mà lè tú nǹkan bí 27,800 áńpì jáde, jẹnẹrétọ̀ 10,000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ààkì máa ń dí iná lọ́wọ́. Nínú ìṣirò 2002, ohun tó kù jẹ́ 12,900 láti ọ̀dọ̀ Nẹ́pà, 5,700 láti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti tò búrékà ńlá sí 8,000 áńpì: bí iná bá kọjá iye yẹn, á já lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 0.3. Ti Nẹ́pà kọjá, búrékà já, ẹni tó dúró ní mílímítà 610 sí i gba kálórì 8.3. Ti jẹnẹrétọ̀ kò kọjá. Búrékà rò pé ẹrù lásán ni, ó ń dúró. Ìṣirò dá a dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 2, nítorí a gbà pé èèyàn á ti sá kúrò nígbà yẹn. Kálórì ti wọ 23. Iná jẹnẹrétọ̀ máa ń rọ̀ bó ti ń jó lọ, nítorí náà iye yẹn lè dín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣe ìgboyà.

Mo ní kí wọ́n yí òdiwọ̀n búrékà sí 4,000. N kò yan 5,000, torí ààkì kan náà lè dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kó di 4,850. A yẹ àwọn búrékà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ wò kí wọ́n má bàa mú ńlá já láìnídìí. Kálórì ti jẹnẹrétọ̀ wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 3.4. A wá lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ojú páńẹ́lì: fólítì 415, kálórì 8.3 ní mílímítà 610, ààlà mítà 2.3, déètì. Òmíràn wà fún àpótí ibi tí wáyà tiransifọ́mà ti ń wọlé. Búrékà ńlá kò lè gba ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ níbẹ̀; fiyúùsì 11 kV nìkan ló lè já, nǹkan bí 490 áńpì péré ló sì máa rí. Ìṣirò gbé e dé kálórì 55. A kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i àfi tí wọ́n bá ti pa 11 kV.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú páńẹ́lì, bí ẹ bá pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀, lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ti di irọ́. Ẹ tún ìṣirò ṣe. Kódà bí nǹkan kan kò bá yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọdún 5 tó pé. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ pa iná ná.