Àpótí Ìsàba Tó Ń Gbàgbé Ọjọ́

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ máa ń lò kí ó tó pa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 18, a gbọ́dọ̀ máa yí i, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Láti ọjọ́ 18 ni a kì í yí i mọ́, nítorí ìgbà yẹn ni ọmọ adìẹ ń tún ara rẹ̀ tò sí ibi tí yóò ti fi àgógó lu èèpo jáde. Àgbébọ̀ mọ èyí láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Àpótí ìsàba tí àǹtí mi ń lò ní Ẹ̀rìn-Ilé ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ń gbàgbé ọjọ́.

Bọ́ọ̀dù Àdúínò kan ló ń darí àpótí náà. Ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, bọ́ọ̀dù yìí á ránṣẹ́ sí rìléè kan, rìléè á dún “kẹ́”, á sì tan mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí pẹpẹ ẹyin. Gíláàsì kékeré kan ń fi iye ọjọ́ hàn. Nígbà tí ó yẹ kí àǹtí mi rí 6 níbẹ̀, 1 ni wọ́n rí. Nígbà tí ó yẹ kí wọ́n rí 10, 1 náà ni. Mọ́tọ̀ wá ń yí ẹyin títí di ọjọ́ tí ó yẹ kí ó pa. Nínú ẹyin 60 tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀, 11 ló pa. Ẹni tó ṣe àpótí náà tún ètò inú rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù sí tuntun, síbẹ̀ kò yí padà. Àǹtí mi ní, “Ọmọ mi, bí ó bá tún rí báyìí, mo máa sọ àpótí yìí di ilé ìkó-àgbàdo-sí ni.”

Bátìrì fóòtì 12 ló ń gbé e ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe pé iná lọ. Láti ara bátìrì yìí ni ṣájà fóònù irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ti ń sọ fóòtì 12 di 5. Ẹnu ṣájà kan ṣoṣo yìí ni bọ́ọ̀dù, rìléè àti mọ́tọ̀ jọ ń mu.

Mo fẹ́ mọ ìṣẹ́jú náà gan-an tí bọ́ọ̀dù ń tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè máa wò ó kò ní rí nǹkan kan, torí pé kọ̀ǹpútà náà ń fún bọ́ọ̀dù ní iná, àìsàn náà á sì fara pamọ́. Mo kàn fi èyí sí orí ètò inú rẹ̀, kí iná kékeré orí bọ́ọ̀dù lè ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nígbàkúùgbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀:

```
void setup() {
  pinMode(13, OUTPUT);
  for (int i = 0; i < 5; i++) {
    digitalWrite(13, HIGH); delay(100);
    digitalWrite(13, LOW);  delay(100);
  }
}
```

Mo wá jókòó tì í. Bí rìléè ṣe dún tí mọ́tọ̀ fẹ́ gbéra ni iná ṣẹ́jú. Nígbà tí mọ́tọ̀ dúró, kò ṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí bọ́ọ̀dù bá ń tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mọ́tọ̀ ń gbéra, ebi iná ló sábà máa ń pa á. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí mọ́tọ̀ ń dúró ni, okùn wáyà inú mọ́tọ̀ ló ń ta iná tó ga jù padà sẹ́yìn, oògùn ìyẹn sì ni dáyódù tí a ń so mọ́ ẹnu mọ́tọ̀ láti gbé e mì.

Mo tú wáyà mọ́tọ̀ kúrò, mo jẹ́ kí rìléè máa dún lásán: kò ṣẹ́jú. Mo fún mọ́tọ̀ ní bátìrì tirẹ̀: kò ṣẹ́jú. Ó hàn gbangba pé oúnjẹ tí àwọn méjèèjì ń pín ló fà á.

Mítà tí mo fi wọn ẹnu ṣájà ń sọ fún mi pé fóòtì 4.9 ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, àmọ́ kò yára tó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Mo wá wọn iná tí mọ́tọ̀ ń mu dípò rẹ̀. Nígbà tó ń yí, ámpíà 0.3 ni. Nígbà tí mo fi ọwọ́ di ọ̀pá rẹ̀ mú kí ó má lè yí, ó di 1.6. Bí ó ṣe ń mu nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra náà nìyẹn, torí pé mọ́tọ̀ tó dúró sójú kan kò ní ohun tó ń dá iná lẹ́kun yàtọ̀ sí wáyà inú rẹ̀. Ámpíà 1 péré sì ni wọ́n kọ sára ṣájà. Fóòtì á já lulẹ̀, bí omi ẹ̀rọ ilé wa ṣe ń fà tín-ín-rín bí aládùúgbò bá ṣí tiwọn. Nínú Àdúínò yìí, ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń wo fóòtì. Bí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ nǹkan bíi 2.7, ẹ̀ṣọ́ náà á dá iṣẹ́ dúró, á sì mú kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí ọpọlọ tí ebi ń pa má baà ṣe ìṣirò òdì. Iye ọjọ́ tó wà nínú ìrántí rẹ̀ á sì bá a lọ.

Kàpásítọ̀ ni garawa tí a ń pọn omi sí de ìgbà tí ẹ̀rọ bá fà tín-ín-rín. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀fà, mo ra oníhòrò gbọọrọ méjì tí ó jẹ́ maikirofáràdì 1000, fóòtì 16, àti àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n kọ 104 sí lára, èyí tí í ṣe maikirofáràdì 0.1. Mo so ọ̀kan nínú àwọn ńlá náà mọ́ 5V àti GND bọ́ọ̀dù. Iná ṣì ń ṣẹ́jú. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mọ́tọ̀ ń wá ámpíà 0.6 ju èyí tí ṣájà lè fún un lọ. Kàpásítọ̀ 1000 tó bá ń fún un ní 0.6 á máa pàdánù fóòtì 0.6 ní ìdá kan nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí a tó ka márùn-ún irú ìdá bẹ́ẹ̀, ó ti gbẹ. Mọ́tọ̀ ló ń mu omi garawa tí a pọn de bọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá náà ló ní kí n fi ilẹ̀kùn sí i. Ilẹ̀kùn náà ni dáyódù 1N5819, tó ń jẹ́ kí iná kọjá sí apá kan ṣoṣo. Mo fi í sáàárín ṣájà àti bọ́ọ̀dù, kàpásítọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù, mọ́tọ̀ àti rìléè wà níwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ ṣájà. Dáyódù yìí ń gba nǹkan bíi fóòtì 0.3 lọ́wọ́ wa, ó ku 4.6. Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò mu ju ámpíà 0.05 lọ. Láti 4.6 dé 2.7, kàpásítọ̀ 1000 kan á gbé e fún ìdá 38 nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí pẹpẹ ṣófo, àmọ́ nígbà tí a kó ẹyin sí i, mọ́tọ̀ pẹ́ kí ó tó gbéra, iná sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo fi èkejì kún un. Kò ṣẹ́jú mọ́.

Àwọn pẹlẹbẹ 104 kò lè gbé iná púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yára. Garawa ńlá máa ń pẹ́ kí ó tó dá omi jáde, kò sì lè pa ariwo wíwéré tí mọ́tọ̀ ń ta sínú wáyà. Mo fi ọ̀kan sí ẹnu mọ́tọ̀, mo fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ 5V àti GND, ẹsẹ̀ wọn kúrú, nítorí wáyà gígùn á sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ìlà funfun ara oníhòrò gbọọrọ: ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń lọ sí GND. Bí ẹ bá gbé e sódì, ó lè bẹ́.

Ẹnìkan ní kí n kàn jẹ́ kí Àdúínò máa kọ ọjọ́ sínú ibi ìpamọ́ tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Mo ṣe ìyẹn náà lẹ́yìn, torí bátìrì lè kú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe é ṣáájú, bọ́ọ̀dù ì bá ṣì máa kú, kí ó sì máa jí lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, a kò sì ní mọ̀.

Ní ọjọ́ 18, àǹtí mi rí 18 lójú gíláàsì, rìléè kò dún ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹyin 47 ló pa nínú 60.

Kàpásítọ̀ oníhòrò gbọọrọ ní omi nínú, ooru sì ń gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Inú àpótí ìsàba sì gbóná tó 37.5. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bọ́ọ̀dù àti kàpásítọ̀ síta, sára ògiri àpótí, tí mo sì fi ìlà ètò tó ń ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀. Àǹtí mi ti mọ̀ pé ọjọ́ tí iná náà bá tún ṣẹ́jú bí mọ́tọ̀ ṣe ń gbéra, kàpásítọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀.