Yorùbá Tí A Fi Sí Ìlà Ìkẹyìn

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá la gbé wá lónìí, ojú sì ń tì wá díẹ̀ láti sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ẹ̀ka Yorùbá rí ìkéde iṣẹ́ kan. Àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní ìgbèríko, ló ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Ohun márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn ń fẹ́. Èkejì nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni náà lè bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, kó sì lè kọ̀wé sí wọn ní Yorùbá tó já gaara. A wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ta ni wọn yóò tún gbà bí kò ṣe àwa? A fi sífì wa ránṣẹ́. Wọn kò pe ẹnì kankan nínú wa.

A bínú. A ní àwọn tó mọ èèyàn ni wọ́n mú. Ìgbà tí a ráhùn dé etí ẹ̀gbọ́n wa kan tó gboyè jáde ní ẹ̀ka yìí kan náà, tí wọ́n sì ti bá wọn jókòó yan òṣìṣẹ́ rí ní àjọ mìíràn, wọ́n ní ká kó ìkéde náà àti sífì wa wá. Wọ́n kà á tán, wọ́n wá bi wá pé, "Níbo ni Yorùbá yín wà?"

A na ìka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì. Ohun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ síbẹ̀ kò ju "Èdè: Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá" lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì náà lè kọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sì máa jẹ́."

Wọ́n wá ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti jókòó. Wọ́n á fa ìlà sórí bébà. Orúkọ àwọn tó kọ̀wé á wà lápá òsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ohun tí ìkéde béèrè á wà lókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á kọ máàkì sí. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, 0. Bí ẹni náà bá kàn sọ pé òun lè ṣe é, 1. Bí ó bá sọ ibi tí ó ti ṣe é, 2. Bí ó bá sọ ibi tó ti ṣe é, bó ṣe ṣe é àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde, 3. Ẹni méjì ló ń kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì fi máàkì wéra lẹ́yìn náà. Bí máàkì wọn bá yàtọ̀, kálukú gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ìlà tó rí i nínú sífì. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ro nǹkan mọ́ ọ. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń kàwé gboyè nínú Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí lórí ìwé, kò sí ìlà tí wọn yóò tọ́ka sí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá sì kọ "dandan" sí, ẹni tó bá gba 0 níbẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ gba 3 níbi yòókù.

Àwọn mìíràn máa ń fún èèyàn ní àyè ọ̀tọ̀ láti dáhùn. Nínú iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó, ọ̀rọ̀ 250 ni wọ́n sábà máa ń fún olùkọ̀wé lórí ìwà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì rẹ̀ á sì wà láti 1 dé 7. Ní Ọsirélíà, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ìdáhùn sí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba wọn sọ ọ́ di ojú ewé kan tàbí méjì. Ìkéde tiwa kò fún wa ní ìwé ọ̀tọ̀. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a ti fò kọjá: "Ẹ fi hàn nínú sífì yín, ojú ewé méjì péré, bí ẹ ṣe kún ojú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan." Ẹ̀gbọ́n ní gbólóhùn yẹn gan-an ni ìdánwò. Sífì tí a fi ránṣẹ́ ni èyí tí a fi ń wá gbogbo iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, àjọ náà tún gbé irú ìkéde kan náà jáde fún ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ da òṣùwọ̀n márààrún kọ sórí ìwé, a sì fọ́ ìkọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí a bá ń fọ́ gbólóhùn ní kíláàsì gírámà. Òṣùwọ̀n kejì, tí a rò pé ohun kan ló ń béèrè, mẹ́ta ló ń béèrè. Ṣé o lè sọ ọ́? Ṣé o lè kọ ọ́? Ṣé àwọn ará àdúgbò ni o ti bá sọ ọ́ rí, àbí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú kíláàsì nìkan? Ẹni tó bá dáhùn méjì ti pàdánù ẹ̀kẹta.

Ibi tí a ti ń wá ìdáhùn ni ojú ti tì wá. Ọ̀kan nínú wa ti lo gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti oṣù kejì dé oṣù kọkànlá, ní ibùdó ìlera kan ládùúgbò rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kó bá àwọn túmọ̀ ìwé pélébé kan nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó kọ́kọ́ kọ "àbájáde búburú" fún ibà àti ìwúlé tí ọmọ lè ní lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó kà á fún àwọn ìyá méjìlá, ẹ̀rù sì ba mẹ́ta nínú wọn débi pé wọ́n ní àwọn kò gba abẹ́rẹ́ náà mọ́. Ló bá yí i sí "ohun tí ara ọmọ lè ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àti ìgbà tó yẹ ká padà wá." Ó tún kà á fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sá. Ẹ̀dà 200 ni ibùdó náà tẹ̀. Gbogbo èyí, kò kọ ọ́ sínú sífì, nítorí pé wọn kò san owó fún un. Ó ní ìrànlọ́wọ́ lásán ni. Àwa náà tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò rò pé iṣẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, àwa la máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni èèyàn fẹ́ fi Yorùbá ṣe.

Ní Gẹ̀ẹ́sì la kọ sífì, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lábẹ́ òṣùwọ̀n kejì nìyí: "Mo túmọ̀ ìwé pélébé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára sí Yorùbá fún ibùdó ìlera kan. Mo kà á fún ìyá 12 kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo sì tún gbólóhùn tó dẹ́rù bà wọ́n kọ. Ibùdó tẹ ẹ̀dà 200. Mo ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lójú kojú ní gbogbo ọjọ́ àjẹsára (oṣù 2 sí oṣù 11, iṣẹ́ kìíní nísàlẹ̀)." Ẹ kà á dáadáa. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn. Àkámọ́ tó gbẹ̀yìn sì ń tọ́ka sí ibi tí òǹkàwé yóò ti rí ọjọ́ àti ipò rẹ̀ nínú sífì náà.

Apá yìí la gbé sí òkè ojú ewé kìíní, lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Bí ìkéde ṣe to òṣùwọ̀n márùn-ún náà la ṣe tò ó, ọ̀rọ̀ wọn gan-an la sì fi ṣe àkọlé, kí ẹni tó ń kọ máàkì má baà máa wá a kiri. Ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan gbà. Kí àyè lè wà, a yọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí a fẹ́ràn láti máa ṣe, àti gbólóhùn gígùn nípa bí a ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun. Wọn kò béèrè ìkankan nínú wọn.

Òṣùwọ̀n kẹrin ń béèrè bóyá èèyàn ti fi fóònù gba ìsọfúnni rí. Ọ̀kan nínú wa ti lo KoboToolbox fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ẹ̀ka èdè: ìbéèrè 22, ogójì èèyàn, ní abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wá fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ nígbà tó padà sí ìlú. Nínú sífì àkọ́kọ́, àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ náà nìkan ló kọ. Kò sẹ́ni tó lè rí fóònù nínú àkọlé yẹn.

Òṣùwọ̀n kẹta ló wá fún wa ní wàhálà. Ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò ni wọ́n fẹ́, dandan sì ni. Ẹ̀gbọ́n ní oṣù ni wọ́n ń kà. Bí o bá kọ ọdún méjì tó tẹ̀lé ara wọn láìsí oṣù, ó lè jẹ́ oṣù méjì, ó lè jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ẹni tó ń kà á á sì mú èyí tó kéré jù. Iṣẹ́ méjì tí èèyàn ṣe lóṣù kan náà, oṣù kan ni. Ẹni ibùdó ìlera ní oṣù mẹ́wàá níbẹ̀ àti oṣù mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó kọ ọ́ pé Sátidé nìkan ni ti àkọ́kọ́. Ẹni KoboToolbox fi oṣù mẹ́tàlá tó fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ dáhùn. Ẹnì kẹta wa ní oṣù márùn-ún péré. Ó bi ẹ̀gbọ́n bóyá òun lè fà á gùn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n máa pe ibẹ̀ lórí fóònù. Kọ márùn-ún."

Ó kọ márùn-ún. Wọn kò pè é. Wọ́n pe àwa méjì yòókù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì gba ẹnì kan, ẹni ibùdó ìlera. Nígbà tó jókòó níwájú wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni ìdí tó fi yí "àbájáde búburú" padà. Ó ní òun sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró.

Ẹnì kẹta wa ti wà ní ibùdó ìlera yẹn báyìí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó ń kọ oṣù rẹ̀ sínú ìwé.